Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré: Bí ẹ ṣe lè fún ọmọ yín ní ògì tó máa dúró níkùn kí ẹ tó sáré wọ mọ́tò

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí. Ní Ìdí-Òró, kọ́ńdọ́kítọ̀ ti ń pariwo "Ọ̀bàléńdé, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!" Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí ọkọ̀ yẹn bá lọ láìsí yín nínú ẹ̀, orí afárá Taadì Méńlàndì ni ilẹ̀ máa mọ́ bá yín, ọ̀gá á sì ti máa wo aago ní ọ́fíìsì. Nínú ilé, ọmọ kan ń wá ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ kan, ìkejì fẹ̀yìn ti ògiri, ó ṣì ń tòògbé. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló kù. Kí ni wọ́n máa jẹ?

Láti Múṣin dé Yàbá dé Sùúrùlérè, ìdáhùn wa ò pọ̀. Ó lè jẹ́ búrẹ́dì pẹ̀lú tíì, ó lè jẹ́ bíṣíkíìtì tí a jù sínú báàgì ọmọ, tàbí kó jẹ́ ògì. Ọ̀rọ̀ ògì ni mo fẹ́ sọ lónìí. Òun ló wà nílé ọ̀pọ̀ nínú wa, kò wọ́n, ó sì yá. Ṣùgbọ́n òun náà ni àwọn òbí máa ń ráhùn lé lórí jù. Ẹ máa gbọ́ tí ìyá kan á ní, "Ife ńlá kan ló mu láàárọ̀, mo sì rí i pé ó mu ún tán. Síbẹ̀, tíṣà ní kó tó di aago mẹ́wàá, ó ti gborí lé tábìlì, ó ní ebi ń pa òun."

Ọmọ yẹn ò purọ́, kì í sì í ṣe wọ̀bìà. Ohun tó wà nínú ife yẹn ni ká yẹ̀ wò.

Kí ló wà nínú ife ògì?

Ẹ jẹ́ ká rántí bí wọ́n ṣe ń ṣe ògì. Wọ́n á rẹ àgbàdo fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Èèrí á lọ sọ́dọ̀ ewúrẹ́. Èyí tó kọjá lára asẹ́ á tòrò sísàlẹ̀ ike, wọ́n á sì da omidùn orí rẹ̀ nù. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé èèrí yẹn kì í ṣe èèpo lásán. Èso inú àgbàdo, níbi tí ọ̀rá àti purotéènì rẹ̀ pọ̀ sí, ń bá èèrí lọ. Díẹ̀ nínú oore àgbàdo tó ti yòrò sínú omi náà ń bá omidùn lọ. Èyí tó kù sísàlẹ̀ ike, sítáàṣì ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, ìyẹn ohun tó ń mú ẹ̀kọ ki.

Nígbà tí ẹ bá wá gbé e kaná, omi lẹ máa fi là á. Ẹ̀kọ tó ṣeé mu dáadáa, tí ẹ bá pín in sí ọ̀nà mẹ́wàá, omi lé ní mẹ́jọ níbẹ̀. Inú ọmọ á kún lóòótọ́, àmọ́ omi gbígbóná pẹ̀lú sítáàṣì díẹ̀ ló kún un. Ṣúgà tí a bù sí i náà, wàràwàrà ló ń gba ara kọjá. Ìdí nìyẹn tí ebi fi ń tètè padà dé.

Ohun kan tún wà níbẹ̀. Purotéènì inú àgbàdo fúnra rẹ̀ kò pé. Ara ọmọ tó ń dàgbà nílò oríṣiríṣi èròjà kéékèèké tí purotéènì máa ń já sí, ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n ń pè ní láísìn sì kéré gan-an nínú àgbàdo. Inú ẹ̀wà, sóyà, ẹyin, ẹja àti wàrà ló pọ̀ sí. Tí èyíkéyìí nínú wọn bá bá ògì wọlé, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀.

Ohun tí àwọn ará Oṣòdì ti ṣe tipẹ́

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun, kò sì jìnnà sí wa. Tí ẹ bá ti Múṣin kọjá sí Oṣòdì, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní FIIRO. Ọdún 1956 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wá bí a ó ṣe máa fi ẹ̀rọ àti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe àwọn nǹkan ilẹ̀ wa, bíi gààrí àti ògì.

Ní àwọn ọdún 1960 wọ inú 1970, àìsàn àìjẹunre-kánú ń da àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ láàmú. Ikùn ọmọ á yọ, ẹsẹ̀ á wú, irun á pọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe pé wọn ò rí nǹkan jẹ rárá. Ògì lásán ni wọ́n ń mu lẹ́yìn tí wọ́n já wọn lẹ́nu ọmú. Àwọn onímọ̀ FIIRO, tí Ọ̀mọ̀wé Akínrẹ̀lé wà lára àwọn tó ṣáájú wọn, kò sọ fún àwọn ìyá pé kí wọ́n pa ògì tì. Wọ́n mọ̀ pé kò ní ṣeé ṣe. Ńṣe ni wọ́n fi sóyà sínú ògì náà, wọ́n gbẹ ẹ́ di lẹ́búlẹ́bú, wọ́n sì pè é ní sóyà-ògì. Ìwọ̀n tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ ni ìdá méje àgbàdo sí ìdá mẹ́ta sóyà.

Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ rọrùn. Sóyà ní láísìn tí àgbàdo ò ní tó. Àgbàdo náà ní nínú èròjà míì tí sóyà ò ní tó. Tí àwọn méjèèjì bá pàdé nínú ife kan, wọ́n á bo àṣírí ara wọn.

Ẹ̀yin náà lè ṣe é nílé lọ́jọ́ Sátidé. Iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ló máa jẹ́ kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó yín lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Iṣẹ́ Sátidé

Agolo mílíìkì ni ká fi wọ̀n ọ́n, torí kò sí ilé tí kò sí. Àgbàdo agolo méje, sóyà agolo mẹ́ta. Ẹ rẹ àgbàdo láti Wẹ́sìdé tàbí Tọ́sìdé, kí ẹ máa pààrọ̀ omi rẹ̀ lójoojúmọ́. Sóyà ní tiẹ̀, ẹ ṣà á lálẹ́ Fúráìdé, kí ẹ rẹ ẹ́ di àárọ̀.

Láàárọ̀ Sátidé, ẹ da omi tí ẹ fi rẹ sóyà nù, ẹ bu omi tuntun sí i, kí ẹ sì sè é fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn tó bá ti hó. Ẹ má fo ibí yìí. Sóyà tútù ní ohun kan nínú tí kì í jẹ́ kí ikùn rí purotéènì lò, ó sì máa ń run ọmọ nínú. Iná ló ń pa ohun náà. Iná yìí náà ló ń lé òórùn bí ẹ̀wà tútù tí àwọn ọmọ ò fẹ́ràn lọ. Ṣùgbọ́n ẹ dúró ti ìkòkò o, torí sóyà fẹ́ràn kó máa ru sókè, kó sì pa iná gáàsì. Ìkòkò ńlá ni kí ẹ lò, kí ẹ sì ṣí ìdérí rẹ̀ díẹ̀.

Tó bá jinná, ẹ fi omi tútù fọ̀ ọ́, kí ẹ fọwọ́ ra á kí èèpo lè bọ́. Èèpo á léfòó, ẹ á dà á nù.

Ní ti lílọ̀, ẹ lọ àgbàdo lọ́tọ̀, kí ẹ lọ sóyà lọ́tọ̀. Àgbàdo nìkan ni kí ẹ sẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń da méjèèjì pọ̀ sẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Òótọ́ ni pé ògì wọn máa ń jọ̀lọ̀, àmọ́ sóyà tí wọ́n ti sè ti le mọ́ra, púpọ̀ nínú ẹ̀ ni asẹ́ á dá dúró. Wọ́n á ro pé sóyà-ògì làwọn ń mu, ewúrẹ́ àdúgbò ló ń jẹ sóyà. Nítorí náà, ẹ lọ sóyà kúnná, lẹ́ẹ̀mejì tó bá gbà bẹ́ẹ̀. Tí ògì àgbàdo bá ti tòrò, tí ẹ sì ti da omi orí rẹ̀ nù, ẹ wá da sóyà náà sí i, kí ẹ pò ó pọ̀ dáadáa.

Tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ oníẹ̀rọ lẹ máa lọ, ẹ tètè lọ. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn oníata, ògì rẹ̀ á ta ọmọ lẹ́nu. Bí ẹ bá rí i pé ata ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀, ẹ ní kó fi omi fọ ẹ̀rọ kó tó gba tiyín. Kì í bínú, ó ti mọ́ ọn lára.

Ẹ wá pín ohun tí ẹ rí sínú náílọ̀ kéékèèké, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ agolo mílíìkì kan, kí ẹ kó wọn sínú fíríṣà. Náílọ̀ kan ni àárọ̀ kan fún èèyàn mẹ́rin, ìyẹn bàbá, ìyá àti ọmọ méjì. Èyí tí ẹ bá ṣe yìí á gbé yín kọjá ọ̀sẹ̀ kan lẹ́nu ilé-ìwé.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà rèé

Mo fi fóònù mi ka àkókò rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ kan, torí mi ò fẹ́ sọ ohun tí mi ò dán wò. Gáàsì olójú méjì ni mo lò. Bó ṣe lọ nìyí.

Kí ẹ tó sùn, ẹ mú náílọ̀ kan jáde nínú fíríṣà sínú abọ́, kí ó lè yọ́. Tí fíríìjì bá ń ṣiṣẹ́, ẹ gbé abọ́ náà síbẹ̀. Ẹ tọ́jú ìkòkò, ọmọrogùn àti ife sí ojú kan. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Lọ́jọ́ tí mi ò ṣe bẹ́ẹ̀, wíwá ìdérí ìkòkò nìkan gba ìṣẹ́jú méjì lọ́wọ́ mi.

Ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ẹ wọn omi agolo mílíìkì mẹ́rin sínú ìkòkò, ẹ dé e, kí ẹ sì tan iná sókè dáadáa. Omi yìí á gba bí ìṣẹ́jú mẹ́rin sí márùn-ún kó tó hó. Tó bá jẹ́ pé NẸ́PÀ mú iná wá, tí ẹ sì ní kẹ́tù, ó máa yá jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí omi ṣe wà lórí iná, ẹ da omi tútù agolo méjì sórí ògì inú abọ́, kí ẹ fọwọ́ tàbí ṣíbí tú u títí kò ní sí kókó kankan nínú ẹ̀. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni. Àkókò tó kù kí omi tó hó, ti ìbọ̀sẹ̀ tó sọnù yẹn ni.

Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú karùn-ún, omi á ti máa hó gidi. Ẹ dín iná kù díẹ̀. Ẹ ro ògì tútù náà láti ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, torí ó ti tún sọ̀kalẹ̀. Kí ẹ wá máa dà á sínú omi tó ń hó díẹ̀díẹ̀, kí ọwọ́ kejì máa rò ó láìdúró. Wéré, ẹ máa rí i tí àwọ̀ rẹ̀ á yí padà, á kúrò ní funfun bí ẹfun, á máa dán, á sì ki. Ẹ jẹ́ kó máa hó lórí iná fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí ẹ máa rò ó.

Ìṣẹ́jú kẹjọ rèé. Ẹ̀kọ ti jinná, àmọ́ ó gbóná bí iná. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń kùnà: ẹ̀kọ wà, àkókò láti mu ún ò sí. Ẹ má bù ú sínú ife fún ọmọ. Abọ́ fífẹ̀ ni kí ẹ bù ú sí, kí ẹ gbé abọ́ náà lé inú ọpọ́n tí omi tútù wà, kí ẹ máa rò ó. Láàárín ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ ó ti di ohun tí ọmọ lè mu. Mílíìkì tútù tí ẹ bá bù sí i náà á ràn án lọ́wọ́. Ẹ̀yin àgbà lè da tiyín sínú ife onídèérí, kí ẹ mu ún lójú ọ̀nà.

Lọ́jọ́ tí mo ṣe é, ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án àti díẹ̀ ló gbà kí abọ́ tó dé iwájú ọmọ. Ọmọ náà sì ń mu ún bí wọ́n ṣe ń de okùn bàtà rẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀kọ bá bàjẹ́ lórí iná

Àìsàn méjì ló ń ṣe ẹ̀kọ àárọ̀, kókó àti omi.

Kókó máa ń wá nígbà tí omi gbígbóná bá bá ògì tí kò tíì tú dáadáa. Ara ìta ìṣù ògì á jinná lójijì, á lẹ̀ mọ́ra bí awọ, kò sì ní jẹ́ kí omi wọ inú mọ́. Inú rẹ̀ á wà ní tútù. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń tẹ kókó kan fọ́, tí ìyẹ̀fun funfun á jáde láti inú ẹ̀. Tó bá ti ṣẹlẹ̀, rírò ò lè tú u mọ́. Ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ kíákíá, kí ẹ sì dá èyí tó kọjá padà sórí iná.

Ní ti omi, nǹkan mẹ́ta ló ń fà á. Àkọ́kọ́ ni pé omi ò tíì hó tí ẹ fi da ògì sí i. Sítáàṣì ò lè wú bí iná ò bá tó, ẹ̀kọ náà á kàn máa ṣàn. Èyí ò le, ẹ dá a padà sórí iná, kí ẹ máa rò ó, á ki. Ìkejì ni ṣúgà àpọ̀jù, torí ó máa ń dẹ ẹ̀kọ. Ẹyọ ṣíbí ìmutíì kan tó fún abọ́ ọmọ, ẹ̀yìn tí ẹ bá sọ ọ́ kúrò lórí iná sì ni kí ẹ fi sí i.

Ìkẹta ni àwọn ìyá wa mọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í ṣàlàyé ẹ̀. Ẹ ò gbọ́dọ̀ fi ṣíbí tí ẹ ti lá bọ inú ìkòkò ẹ̀kọ. Itọ́ ẹnu ní èròjà kan nínú tó ń gé sítáàṣì wẹ́wẹ́. Díẹ̀ nínú ẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ṣíbí ti tó láti sọ ẹ̀kọ di omi. Ohun kan náà ló fà á tí abọ́ ọmọ tó bá ń jẹ díẹ̀ díẹ̀, tó ń lá ṣíbí, fi máa ń di omi kó tó mu ún tán. Kò sí ẹni tó ṣe é ní nǹkan kan. Tí ẹ bá fẹ́ tọ́ ọ wò, ẹ kán an sí àtẹ́lẹwọ́.

Bí sóyà ò bá sí: ẹyin

Kì í ṣe gbogbo ọ̀sẹ̀ ni Sátidé máa gbà yín láyè. Ọ̀rọ̀ òkú, ìgbéyàwó, ìpàdé ìdílé, ẹ mọ̀ bó ṣe ń rí. Lọ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ ra ògì lásán lọ́wọ́ ológì, kí ẹ fi ẹyin gbè é lẹ́sẹ̀.

Tí ẹ bá ní ojú gáàsì méjì, ẹ fi ẹyin àti omi tó kàn bò ó kaná ní ìṣẹ́jú kan náà tí ẹ gbé omi ògì kaná. Omi rẹ̀ kò pọ̀, á tètè hó. Ní ìgbà tí ẹ̀kọ bá máa wà nínú abọ́, ẹyin náà ti le. Ẹ fi omi tútù rọ̀ ọ́, kí ẹ bó o. Bí ọmọ ò bá lè jẹ ẹ́ tán nílé, inú náílọ̀ ló ń lọ, á jẹ ẹ́ kó tó dé ilé-ìwé.

Tó bá jẹ́ ojú gáàsì kan ṣoṣo, ẹ lu ẹyin méjì nínú abọ́ kékeré. Tí ẹ̀kọ bá ti ki, ẹ bu ṣíbí ńlá méjì nínú ẹ̀ sórí ẹyin náà, ẹ yára rò ó pọ̀, kí ẹ wá da gbogbo rẹ̀ padà sínú ìkòkò. Tí ẹ bá da ẹyin tútù tààrà sínú ẹ̀kọ tó ń hó, á dì sójú kan, àwọn ọmọ á máa yọ ọ́ sọ́tọ̀. Ẹ jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn náà, kí ẹyin má bàa kù ní tútù. Àwọ̀ rẹ̀ á pọ́n díẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ á ro pé kọ́sítáàdì ni.

Ọjọ́ tí gáàsì tán: ẹ̀kọ tútù àti àkàrà

Gáàsì kì í sọ fún èèyàn kó tó tán. Aago márùn-ún ìdájí ló sábà máa ń dágbére. Tí ẹ bá ti gbọ́ ohùn sílíńdà yín lálẹ́ pé kò ní pẹ́ parí, ẹ fi ìyókù ẹ̀ ro ẹ̀kọ sílẹ̀.

Ní báyìí, ẹ máa dín omi kù. Fún agolo ògì kan, omi agolo mẹ́ta lápapọ̀ ti tó. Ẹ tú u, ẹ dà á sínú omi tó ń hó bíi ti tẹ́lẹ̀, kí ẹ máa rò ó fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá títí á fi wúwo lọ́wọ́. Ẹ bù ú sínú ewé tàbí abọ́ kéékèèké, kí ẹ jẹ́ kó tutù. Láàárọ̀ á ti dì, ẹ lè gé e sínú ike, kí ẹ gbé e dání wọ mọ́tò. Kíkan inú ògì ló jẹ́ kó lè sun di ọjọ́ kejì láìsí fíríìjì. Ògì àgbàdo lásán ni mo ń sọ o, ẹ má fi èyí tó ní sóyà tàbí ẹyin sùn síta.

Nígbà tí ẹ bá ń jáde, alákàrà ti wà lẹ́bàá títì. Ẹ ra èyí tó ń ti inú epo jáde lójú yín, ẹ má gba èyí tó ti tutù nínú ike láti àná. Àkàrà mẹ́ta fún ọmọ kan pẹ̀lú ẹ̀kọ kan, ó ti yó. Ẹ̀wà ni àkàrà, ẹ̀wà náà sì ní láísìn tí àgbàdo ò ní tó. Ẹ ò rí i pé ohun tí àwọn ọmọ̀wé ṣe ní Oṣòdì ni àwọn ìyá wa ti ń dì sínú ewé tipẹ́? Ẹ̀kọ pẹ̀lú àkàrà, ẹ̀kọ pẹ̀lú mọ́ín-mọ́ín. Ẹ̀kọ lásán ni kò sí nínú ètò wọn. Àwa tí a ń sáré la já àkàrà sílẹ̀.

Títọ́jú rẹ̀, àti àwọn tí kò wà fún

Ògì àgbàdo lásán tí kò rí fíríìjì, ẹ jẹ́ kí omi máa bò ó, kí ẹ máa pààrọ̀ omi náà lójoojúmọ́. Kíkan ò túmọ̀ sí pé ó ti bàjẹ́, bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá rí àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, dúdú tàbí àwọ̀ ewé lójú rẹ̀, tàbí tó bá ń rùn bí ohun tó kú dípò kó máa kan, ẹ dà á nù. Ẹ má ní ẹ máa họ ojú rẹ̀ kúrò. Sóyà-ògì ní ọ̀rá ju àgbàdo lásán lọ, kì í pẹ́ bàjẹ́, torí náà bí iná ọba ò bá wá fún ọjọ́ kan gbáko, èyí tó bá ti yọ́ nínú fíríṣà ni kí ẹ kọ́kọ́ sè. Bí ó bá ju ohun tí ẹ lè mu lọ, ẹ pè ará ilé kejì. Ọdún tó ń bọ̀ òun náà á pè yín.

Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ọmú nìkan ni tiẹ̀, kò sí ògì nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ kan wà tí ara wọn kì í gba sóyà tàbí ẹyin. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá máa fún ọmọ, ẹ fún un díẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé tí ẹ wà nílé, kí ẹ máa wò ó. Bí ara rẹ̀ bá sú, tí ètè rẹ̀ wú, tàbí tó ń bì, ẹ má fún un mọ́, kí ẹ sì gbé e lọ rí dókítà. Bí èémí rẹ̀ bá ń há, ẹ má dúró rárá, ilé ìwòsàn tààrà ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí lálẹ́ yìí, tí ògì lásán bá wà nílé, ẹ wò ó bóyá ẹyin méjì kù nínú páálí. Tó bá wà, ẹ gbé ìkòkò àti ìdérí rẹ̀ sórí gáàsì kí ẹ tó lọ sùn. Láàárọ̀ ọ̀la, iná nìkan ló kù tí ẹ máa tàn.